Bẹ́tà 1.4 pẹ̀lú R² 0.12: ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi èrè oṣù 60 ti ìpín ilé-iṣẹ́ méjì ṣe rigirẹ́ṣọ̀n lórí èrè atọ́ka ọjà. Ìpín kìíní fún mi ní bẹ́tà 1.4 àti R² 0.12, ìpín kejì fún mi ní bẹ́tà 0.8 àti R² 0.55. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n da bẹ́tà àkọ́kọ́ nù nítorí pé R² rẹ̀ ti kéré jù. Ṣé òótọ́ ló sọ? Èwo ló sì léwu jù nínú méjèèjì?

Ìdáhùn: Ẹ má da bẹ́tà náà nù nítorí ìdí tí ẹni yẹn sọ. R² kò fìgbà kan jẹ́ máàkì tí a fi ń mọ̀ bóyá bẹ́tà yege tàbí kò yege. Síbẹ̀, ara tó fu ú kò ṣàì ní ìdí, nítorí pé bẹ́tà 1.4 yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó ti 0.8, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mìíràn tí ẹ kò kọ ránṣẹ́ ni a ó fi mọ èyí. Màá kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kékeré kan tí ẹ lè fi ọwọ́ ṣe, kí a lè rí ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ti wá, lẹ́yìn náà màá padà sórí ìpín yín méjèèjì.

Ohun tó ń wọ inú rigirẹ́ṣọ̀n náà ni a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tọ́jú. Èrè oṣù kan ni iye tí owó ìpín fi yí padà láti ìparí oṣù tó kọjá sí ìparí oṣù yìí, pẹ̀lú owó èrè tí ilé-iṣẹ́ náà bá pín láàárín oṣù, tí a wá pín gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú iye owó ìpín ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Bí ó bá jẹ́ àdánù, a kọ ọ́ pẹ̀lú àmì àyọkúrò. Bákan náà ni a ṣe ń ṣírò èrè atọ́ka ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ fara balẹ̀ á tún yọ èlé owó tí kò léwu, irú èyí tí ìjọba ń san lórí gbèsè ọlọ́jọ́ kúkúrú, kúrò nínú méjèèjì kó tó bẹ̀rẹ̀. Yíyọ ọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí bẹ́tà padà, àmọ́ ó máa ń yí álífà, ìyẹn ibi tí ìlà ti gé òpó ìdúró, padà.

Èrè ọjà ló gbọ́dọ̀ wà lórí òpó ìdùbúlẹ̀, kí èrè ìpín sì wà lórí òpó ìdúró. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a yí wọn padà, kò sì sí ohun tí yóò pariwo pé a ti ṣìnà, torí R² kì í yí padà bí a bá pààrọ̀ wọn. Ìdagẹ̀rẹ́ nìkan ló ń yí padà, ó sì máa ń di R² tí a pín pẹ̀lú bẹ́tà gidi. Ká ní ẹ ṣe àṣìṣe yìí lórí ìpín kìíní, 0.12 tí a pín pẹ̀lú 1.4 ni ẹ ò bá rí, ìyẹn nǹkan bí 0.09, ẹ ò bá sì rò pé ìpín náà kò bá ọjà tan rárá. Nínú Excel, èrè ìpín ló ń ṣáájú nínú àkámọ́, èrè ọjà ló ń tẹ̀ lé e. Bí èrè ọjà bá wà ní òpó B, tí ti ìpín sì wà ní òpó C, ohun tí ẹ ó tẹ̀ nìyí:

```
=SLOPE(C2:C61,B2:B61)
=RSQ(C2:C61,B2:B61)
=STEYX(C2:C61,B2:B61)/SQRT(DEVSQ(B2:B61))
```

Ìlà kìíní ń fún wa ní bẹ́tà, ìlà kejì ń fún wa ní R². Ìlà kẹta ni nọ́ńbà tí mo ní ẹ kò kọ ránṣẹ́, ìyẹn ìwọ̀n àṣìṣe bẹ́tà, mo sì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú oṣù mẹ́fà péré. Ká ní èrè ọjà ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ 2, −1, 3, −3, 4 àti 1, tí èrè ìpín kan ní àwọn oṣù kan náà sì jẹ́ 1, −2, 6, −1, 10 àti −2. Ìpíndọ́gba èrè ọjà jẹ́ 1, ti ìpín jẹ́ 2. A ó yọ ìpíndọ́gba kúrò nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan láti mọ bí oṣù kọ̀ọ̀kan ṣe yà sí àárín. Ìyapa ọjà yóò jẹ́ 1, −2, 2, −4, 3 àti 0. Ìyapa ìpín yóò jẹ́ −1, −4, 4, −3, 8 àti −4. Bí a bá sọ ìyapa ọjà di púpọ̀ pẹ̀lú ìyapa ìpín ní oṣù kọ̀ọ̀kan, tí a sì ro wọ́n pọ̀, a ó rí 51. Bí a bá sọ ìyapa ọjà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, tí a sì ro wọ́n pọ̀, a ó rí 34. Pín 51 pẹ̀lú 34, bẹ́tà jẹ́ 1.5. Álífà jẹ́ 2 tí a yọ 1.5 kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn 0.5.

Ohun tí 1.5 yìí ń sọ ni pé nígbà tí èrè ọjà bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ìgbà mìíràn lọ, èrè ìpín yìí ń fi ìdá kan ààbọ̀ ga, ní ìpíndọ́gba. Ọ̀rọ̀ "ní ìpíndọ́gba" yẹn ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbójú fò. Ẹ wo oṣù tó kẹ́yìn: èrè ọjà wà ní ìpíndọ́gba rẹ̀ gan-an, tó fi jẹ́ pé ìlà náà ń retí èrè 2 fún ìpín, ṣùgbọ́n àdánù 2 ló mú wá. Ẹ wo oṣù kẹrin: ìlà náà ń retí àdánù 4, àdánù 1 péré ni a rí. Bẹ́tà kò ṣèlérí oṣù kankan. Bí ìlà náà ṣe dagẹ̀rẹ́ tó ló ń sọ. Kò sọ bí àwọn àmì ṣe sún mọ́ ìlà náà tó.

Sísún mọ́ ìlà yẹn ni iṣẹ́ R². Ẹ sọ ìyapa ìpín kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí ẹ sì ro wọ́n pọ̀: 1, 16, 16, 9, 64 àti 16 jẹ́ 122. Èyí ni gbogbo ìfọ́nká tí èrè ìpín náà ní láàárín oṣù mẹ́fà. Èyí tí ìlà náà lè ṣàlàyé nínú rẹ̀ jẹ́ 1.5 lọ́nà 51, ìyẹn 76.5. Pín 76.5 pẹ̀lú 122, R² jẹ́ nǹkan bí 0.63. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ìfọ́nká èrè ìpín yìí bá ọjà rìn, ìdá 37 tó kù sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ tàbí ti ẹ̀ka iṣẹ́ tó wà: ẹjọ́ tó pàdánù, ọjà tuntun tó gbé jáde, ọ̀gá àgbà tó fiṣẹ́ sílẹ̀.

Bẹ́tà àti R² kì í ṣe àjèjì sí ara wọn, ṣùgbọ́n nǹkan kẹta ló wà láàárín wọn. Bí σ bá dúró fún ìwọ̀n ìyapa èrè, bí wọ́n ṣe tan mọ́ra nìyí:

```
β = √R² × (σ_ìpín / σ_ọjà)
```

(Bí bẹ́tà bá wà nísàlẹ̀ òdo, àmì àyọkúrò yóò wà níwájú gbòǹgbò náà.) Ẹ rí i pé ọ̀nà méjì ni ìpín kan lè gbà ní bẹ́tà ńlá: kí ó máa tẹ̀ lé ọjà pẹ́kípẹ́kí, tàbí kí ó máa mì púpọ̀ ju ọjà lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú mímì náà ló jẹ́ ti ọjà. Ọ̀nà kejì yìí ni ìpín yín kìíní gbà. Bí ìwọ̀n ìyapa ọjà bá jẹ́ 5% lóṣù, tí mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ, ìwọ̀n ìyapa ìpín kìíní yóò jẹ́ nǹkan bí 20% lóṣù, ti ìpín kejì yóò sì jẹ́ nǹkan bí 5.4%. Bẹ́tà 1.4 àti 0.8 kò jìnnà síra púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ìpín kìíní nìkan ń rí mímì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ẹni tó ra ìpín kejì nìkan ń rí.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ìwọ̀n àṣìṣe, torí òun ló ń sọ bí a ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé bẹ́tà tó. Kò pọn dandan kí ẹ tún padà sínú Excel. Bẹ́tà, R² àti iye oṣù, tí mo pè ní n, ti tó láti rí i:

```
SE = β × √( (1 − R²) / (R² × (n − 2)) )
```

Fún ìpín yín kìíní, oṣù 60, ó jẹ́ nǹkan bí 0.50. Fún ìpín kejì, ó jẹ́ nǹkan bí 0.095. Bí a bá lọ sókè àti sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n àṣìṣe méjì, bẹ́tà ìpín kìíní lè wà níbikíbi láti 0.4 títí dé 2.4, nígbà tí ti ìpín kejì wà láàárín 0.61 àti 0.99. Ìyẹn ni òótọ́ tó wà nínú ohun tí ẹni yẹn sọ fún yín. R² kékeré ń dá kún ìwọ̀n àṣìṣe, torí pé ariwo ilé-iṣẹ́ náà ń bo ohùn ọjà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iye oṣù náà wà nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́fà tí a fi ọwọ́ ṣírò lẹ́ẹ̀kan ní R² 0.63, tó ga ju ti ìpín yín méjèèjì lọ, síbẹ̀ ìwọ̀n àṣìṣe bẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 0.58. Níwọ̀n bí oṣù ti kéré tó bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n àṣìṣe méjì kò tiẹ̀ tó. Nǹkan bí 2.8 ni a ó fi lọ sókè sódò, èyí tí ó gbé bẹ́tà náà láti −0.1 dé 3.1. R² rẹ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n bẹ́tà rẹ̀ kò sọ ohunkóhun tí a lè dì mú. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fi R² nìkan ṣe ìdájọ́ bẹ́tà níwájú yín, oṣù mẹ́fà yìí ni kí ẹ fi hàn án.

Èwo ló wá léwu jù? Ó kù sọ́wọ́ ohun mìíràn tí ẹ ní pẹ̀lú rẹ̀. Bí ìpín kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ rà, gbogbo mímì rẹ̀ ni ẹ ó gbé, ìpín kìíní sì ni ó léwu jù láìsí àríyànjiyàn. Bí ẹ bá fẹ́ fi sínú àkójọ ìpín púpọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Pẹ̀lú ìwọ̀n ìyapa ọjà 5%, ìfọ́nká ìpín kìíní lóṣù, ìyẹn ìwọ̀n ìyapa rẹ̀ tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, jẹ́ 20.2 lọ́nà 20.2, nǹkan bí 408. 49 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọjà, 359 jẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ká ní ẹ rí irú ìpín bẹ́ẹ̀ 25, tí gbogbo wọn ní bẹ́tà 1.4 àti R² 0.12, tí wàhálà ọ̀kan kò sì kan èkejì, tí ẹ pín owó yín sórí wọn lọ́gbọọgba. Bẹ́tà àkójọ náà yóò dúró sí 1.4. Ìfọ́nká tó wá láti ọ̀dọ̀ ọjà yóò dúró sí 49. Ṣùgbọ́n 359 yẹn yóò di 359 tí a pín pẹ̀lú 25, ìyẹn nǹkan bí 14. R² àkójọ náà yóò wá jẹ́ 49 tí a pín pẹ̀lú 63, tó tó 0.77. Kò sí ìpín kankan tó yí padà níbẹ̀, ohun tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe fúnra rẹ̀ ló ń pa ara wọn rẹ́, tí ohun tí gbogbo wọn ní ní àpapọ̀ sì kù.

Ìdí nìyí tí William Sharpe, nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1964, fi sọ èrè tí a ń retí mọ́ apá ti ọjà nìkan: apá kejì jẹ́ ohun tí olùdókòwò lè mú kúrò fúnra rẹ̀ láìná ohun púpọ̀, kò sì sí ìdí tí ọjà fi ní láti san owó fún ẹni tó kọ̀ láti mú un kúrò. Nítorí náà, nínú àkójọ, ìpín kìíní ṣì ni ó léwu jù, nítorí 1.4 ju 0.8 lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kéré gan-an sí èyí tí ẹni tó ra ẹyọ kan ń rí. R² 0.12 kì í ṣe àbùkù lára bẹ́tà; ohun tó ń sọ fún yín ni bí ewu tí ẹ lè pín dànù ṣe pọ̀ tó.

Ìgbà kan wà tí R² kékeré jẹ́ àmì àìsàn gidi, ẹ sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lo nọ́ńbà kankan. Bí ìpín kan kì í bá yí ọwọ́ dáadáa, iye owó tí a kọ sílẹ̀ ní ìparí oṣù lè jẹ́ ti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí atọ́ka ọjà ti gbọ́ ìròyìn tó dé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ìròyìn oṣù yìí á wá hàn nínú èrè ìpín náà ní oṣù tó ń bọ̀. Rigirẹ́ṣọ̀n tí ó ń wo oṣù kan náà nìkan yóò pàdánù rẹ̀, bẹ́tà yóò fà sísàlẹ̀, R² yóò sì bá a lọ. Ìwọ̀n àṣìṣe kò ní kìlọ̀ fún yín, torí pé ariwo ni òun ń wọ̀n, kì í wọn ohun tó tẹ̀ sí apá kan.

Ẹ lè mọ̀ ọ́n lọ́nà méjì. Ẹ ka iye ìgbà tí èrè ìpín náà jẹ́ òdo gédégédé; bí ó bá pọ̀, ara ìpín náà kò yá. Èkejì ni pé kí ẹ ṣírò bẹ́tà kan náà pẹ̀lú èrè ojoojúmọ́, ti ọ̀sẹ̀ àti ti oṣù. Bí ó bá ń gòkè bí àkókò náà ṣe ń gùn sí i, tí ó jẹ́ 0.5 lójoojúmọ́, 0.9 lọ́sẹ̀ àti 1.4 lóṣù, ìdádúró iye owó ló fà á. Ìwòsàn tí Elroy Dimson gbé jáde ní ọdún 1979 ni pé kí a fi èrè ọjà ti oṣù yìí àti ti àwọn oṣù tó yí i ká sínú rigirẹ́ṣọ̀n kan náà, kí a sì ro àwọn ìdagẹ̀rẹ́ wọn pọ̀. Ti oṣù tó kọjá nìkan sábà máa ń tó. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ìpín yín kìíní, bẹ́tà gidi rẹ̀ yóò tilẹ̀ ju 1.4 lọ, èyí tó lòdì pátápátá sí dídà á nù.

R² ńlá náà lè tan ènìyàn jẹ. Ní nǹkan bí ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Nokia nìkan ju ìdajì gbogbo iye owó ọjà ìpín Helsinki lọ. Ẹni tó bá fi èrè Nokia ṣe rigirẹ́ṣọ̀n lórí atọ́ka ọjà náà nígbà yẹn, Nokia ló ń fi wé Nokia ní apá tó pọ̀ jù, R² rẹ̀ yóò sì ga, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀ yóò kéré, láìjẹ́ pé bẹ́tà náà sọ púpọ̀ nípa ewu ẹni tó kó owó rẹ̀ sí oríṣiríṣi ibi. Nítorí náà ẹ wo iye ìdá tí ìpín yín kejì kó nínú atọ́ka tí ẹ lò, kí ẹ tó yọ̀ sí 0.55.

Ká ní gbogbo èyí mọ́. Èwo ni kí ẹ wá lò? Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta déétà máa ń fa bẹ́tà súnmọ́ 1, nítorí Marshall Blume ti fi hàn ní ọdún 1971 pé bẹ́tà tó jìnnà sí 1 ní sáà kan máa ń sún mọ́ ọn ní sáà tó tẹ̀ lé e. Ìdá méjì nínú mẹ́ta bẹ́tà tí a ṣírò, pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́ta, ni wọ́n ń lò. Ti yín yóò di 1.27 àti 0.87. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀ fún irú ọ̀ràn yìí, torí pé ó ń fi ìwọ̀n kan náà fa bẹ́tà tí a mọ̀ dáadáa àti èyí tí a kò mọ̀. Ọ̀nà tí Oldrich Vasicek kọ ní 1973 tọ́ jù lójú mi: kí bẹ́tà tí ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀ tóbi sún ju èkejì lọ. Bí a bá gbà pé bẹ́tà àwọn ìpín inú ọjà wà káàkiri 1 pẹ̀lú ìwọ̀n ìyapa 0.3, ìwọ̀n tí ẹ ó fún bẹ́tà tiyín jẹ́:

```
w = 0.3² / (0.3² + SE²)
β_tuntun = w × β + (1 − w) × 1
```

Fún ìpín kìíní, w jẹ́ nǹkan bí 0.27, bẹ́tà tuntun sì jẹ́ 1.11. Fún ìpín kejì, w jẹ́ 0.91, bẹ́tà tuntun jẹ́ 0.82. 0.3 yẹn jẹ́ ìdájọ́ tèmi fún àpẹẹrẹ. Ẹ ṣírò tiyín láti ara bẹ́tà àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kí ẹ sì fi ìpíndọ́gba wọn rọ́pò 1 bí wọ́n bá pọ̀ tó. Bí ẹ bá rí ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ó jọ ìpín kìíní, tí gbèsè wọn kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí tirẹ̀, ìpíndọ́gba bẹ́tà wọn yóò ṣeé gbára lé ju 1.4 tàbí 1.11 lọ, nítorí pé àṣìṣe ọ̀kan yóò pa ti èkejì rẹ́ ní ọ̀nà kan náà tí àkójọ ìpín 25 yẹn gbà.